Bùbá Méjì Láti Inú Ìró Kan

Ìró kan ṣoṣo ni Màmá fún wa. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn, tí àwọn òpó gbọ̀ngàn Máàpó wà lára rẹ̀. Ìyá Màmá ló ni ín kí wọ́n tó kú. Télọ̀ kan ní Kétu gé e sí méjì, ó rán bùbá kan fún ẹ̀gbọ́n, ó rán ọ̀kan fún àbúrò. Láti ìgbà náà, búlúù yẹn ló di olórí aṣọ wa. Ṣòkòtò funfun bá a mu, dúdú bá a mu, kákí náà bá a mu. Tí òde bá wà, òun la kọ́kọ́ máa ń mú, ká tó wá ohun tó máa tẹ̀lé e.

Kò pé ọdún kan tí ọ̀kan fi bàjẹ́. Ìró kan náà, ìkòkò aró kan náà, télọ̀ kan náà. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìkòsí, ọṣẹ kan náà la sì ń rà. Kí ló wá dé?

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ara bùbá àbúrò kọ́kọ́ ní àmì kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi tíì, níbi tó yẹ kó funfun. A ní òógùn ni, àbí eruku Máìlì 12. A bu omi tuntun láti ẹnu ẹ̀rọ, a da ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun sí i, a tún ṣí bílíìṣì, a da ìdérí kan sí i. Lójú wa báyìí ni omi náà pọ́n. Àmì tó jẹ́ ẹyọ kan tẹ́lẹ̀ di ojú mẹ́wàá. A rò pé bílíìṣì náà kéré ni, la bá fi kún un. Ìgbà tá a máa yọ aṣọ jáde, búlúù ẹ̀yìn rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè tó ṣá, àwọn òpó Máàpó ò sì ṣeé kà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ń ṣiṣẹ́ sọ́fútíwià, kò sì lè sùn tí nǹkan bá bàjẹ́ láì mọ ìdí. Ó ní ká wá ohun tó yàtọ̀ láàárín aṣọ méjèèjì. Ó pẹ́ ká tó rí i, torí pé ohun tó kéré ni: àbúrò máa ń fọṣọ ní Sátidé, omi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti bọ́ọ̀hóòlù ló máa ń lò. Ẹ̀gbọ́n máa ń fọ tiẹ̀ lálẹ́, nígbà tí wọn ò tan ẹ̀rọ, nítorí náà inú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ilé ló ti ń bu omi, láti òkè, omi tó ti dúró síbẹ̀ láti àná.

A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan, a pọn omi sí i láti ẹnu ẹ̀rọ. Ó mọ́ gaara. A fi sílẹ̀ di àárọ̀. Nígbà tó máa di àárọ̀, ojú omi ti ṣú díẹ̀, ohun kan tó pupa bí erùpẹ̀ sì ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Irin ni. Ọ̀pọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ní Èkó ló ní irin nínú. Tó bá ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀, kò rí afẹ́fẹ́, ó yọ́ mọ́ omi, ojú ò lè rí i. Tó bá jáde, tí afẹ́fẹ́ kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ìṣó bá wà nínú òjò. Ẹni tó bá fi omi tuntun fọṣọ, ara aṣọ rẹ̀ ni irin náà ti máa dógùn-ún. Ọṣẹ máa ń jẹ́ kó yá. Bílíìṣì ní tiẹ̀ kì í dúró rárá: ohun tí afẹ́fẹ́ máa fi òru kan ṣe, ìṣẹ́jú kan ló fi ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí omi wa fi pọ́n lójú wa. A ń fi ohun tó ń mú àmì wá lé àmì lọ!

Ìyẹn ò tíì sọ bí búlúù ṣe sá lọ. Ìgbà tá a dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta la mọ ìyẹn. A gbé bùbá náà lọ síbẹ̀, bóyá wọ́n á lè tún un rẹ. Ìyá aláró tá a bá níbẹ̀ kọ́kọ́ fi ìka ra á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bílíìṣì, àbí?” A ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún wa, pẹ̀lú èyí tá a ti mọ̀ nípa èlú, nìyí. Búlúù èlú kì í yọ́ nínú omi. Kó tó lè wọ inú òwú, aláró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà nínú ìkòkò. Láyé àtijọ́, omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe é. Lóde òní, sóódà àti háídírò ló wọ́pọ̀. Nínú ìkòkò yẹn, omi aró máa ń ní àwọ̀ ewéko. Tí wọ́n bá fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewéko náà ló máa kọ́kọ́ ní, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á wá di búlúù. Láti ìgbà yẹn lọ, búlúù náà kàn há sáàárín òwú ni, bí iyẹ̀pẹ̀ tó há sínú ẹní. Kò so mọ́ ọn. Bá a bá ń ra á, á máa já bọ́. Oòrùn á máa ṣá a. Bílíìṣì ní tiẹ̀ ò já a bọ́, ńṣe ló ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ tí kò fi ní jẹ́ búlúù mọ́. Ohun tó fọ́ yẹn ò sì ní padà wá.

Ó tún yé wa nígbà náà pé iyọ̀ àti fínígà táwọn èèyàn ní ká máa rẹ adìrẹ sí kò wúlò fún èyí. Iyọ̀ ń ran àwọn aró mìíràn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń rẹ aṣọ lọ́wọ́. Aṣọ èlú tó ti jáde nínú ìkòkò, iyọ̀ ò lè dì í mọ́lẹ̀.

Bùbá ẹ̀gbọ́n ló kù. Bá a ṣe ń fọ̀ ọ́ báyìí rèé.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a máa ń pọn bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì. A máa da omi láti inú ọ̀kan sí ìkejì, ká dà á padà, bí ìgbà mẹ́wàá, kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́ dáadáa. A fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, a lọ sùn. Láàárọ̀, a rọra bu ti òkè, a ò sì ní fọwọ́ kan ìdámẹ́rin tó wà nísàlẹ̀. Tí omi bá ṣì pọ́n lẹ́yìn gbogbo èyí, a jẹ́ pé irin rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lè ṣe lọ. A ò ní fi fọ bùbá náà. A máa dúró de òjò. Omi òjò náà, ẹ jẹ́ kó rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó fọ páànù kẹ́ ẹ tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i, torí páànù tó ti dógùn-ún náà ní irin. Ti mẹ́ruwà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà, bọ́ọ̀hóòlù ẹlòmíì ni.

A máa ń yí inú bùbá síta. Ọṣẹ tútù, tí kì í ṣe oníyẹ̀fun, la ń há sínú omi, ó sì gbọ́dọ̀ yọ́ tán kí aṣọ tó wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. A kì í fi aṣọ ra aṣọ. A máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni, àyàfi ọrùn tá a rọra ń ra díẹ̀. Omi àkọ́kọ́ á ní búlúù díẹ̀. Ẹ má jáyà, èyí tí kò há dáadáa ló ń kúrò. Bá a bá ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta tí omi ṣì dúdú bíi táwadà, aláró ò ṣan án tó nìyẹn, ẹ má fi sáàárín aṣọ mìíràn. Ẹ lè fi ańkáṣíìfù funfun tó tutù ra inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ máa rí bí búlúù tó máa jáde ṣe pọ̀ tó.

Nípa sísá, okùn wáyà ló kọ́kọ́ bá wa jà. Ó ti dógùn-ún, ó sì fi àmì pupa kan sí èjìká bùbá tó kù. A pààrọ̀ rẹ̀ sí okùn rọ́bà. Abẹ́ ibòji la ń sá a sí, inú rẹ̀ ló máa wà níta. Ẹ wo aṣọ búlúù tó pẹ́ lórí okùn nínú oòrùn: ibi tó ti ṣẹ́po ló kọ́kọ́ ń ṣá, á wá fa ìlà funfun kan gbọọrọ tí áyọ́ọ̀nù ò ní lè mú kúrò.

Àmì pupa tó wà léjìká ńkọ́? A lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́ ní ọjà èso Ìkòsí. A fún un, a fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, a kọ́kọ́ dán an wò ní etí ìsàlẹ̀ níbi tójú ò tó. Búlúù ò yẹ̀. A fi òwú tẹ omi ọsàn náà sára àmì yẹn, a gbé e síbi ibòji fún ogún ìṣẹ́jú, a ṣan án dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é kó tó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lára aṣọ tí bílíìṣì ṣì wà: tí méjèèjì bá pàdé, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde, ó lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá.

Títọ́jú rẹ̀ ò le. A kì í fi sítáàṣì sí i tá a bá fẹ́ gbé e pamọ́, torí aáyán fẹ́ràn rẹ̀. A máa jẹ́ kó wà lórí ìkọ́ di ọjọ́ kejì lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, pàápàá lóṣù kẹfà àti ìkeje tí ọ̀rinrin pọ̀. Lẹ́yìn náà a ká a róbótó, a ò ṣẹ́ ẹ po, a fi aṣọ òwú wé e, kì í ṣe ọ̀rá. Ọ̀rá máa ń sé ọ̀rinrin mọ́nú, àmì dúdúdúdú á sì hù sára aṣọ.

Ìyá aláró ní wọ́n lè tún bùbá kejì rẹ, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló máa di búlúù, òpó Máàpó á lọ pátápátá, àfi tí ẹnìkan bá tún fi ẹ̀kọ yà á látìbẹ̀rẹ̀. A ò gbà. A mú un lọ sílé fún Màmá lọ́jọ́ ìrántí ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n ló wọ èyí tó kù. Màmá wo ọ̀kan, wọ́n wo èkejì. “Ta ló kọ́ yín ní bílíìṣì?” A ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n tẹ́ bùbá náà sórí itan, wọ́n fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀ títí wọ́n fi rí ibi kan tí búlúù ṣì wà díẹ̀. “Òpó wà níbí,” wọ́n ní.

Òun la fi ń wé èkejì báyìí, nínú àpótí.