Gílóòbù 60 àti gílóòbù 100: ìdáhùn tá a ní kí ọmọ wa pa rẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kófà Ríní àti gbogbo Sókótó, ọ̀rọ̀ yìí ń tì wá lójú díẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àkọ́bí wa obìnrin mú iṣẹ́ àṣetiléwá físíìsì wálé. Ìbéèrè náà ò gùn. Gílóòbù méjì wà, irú èyí àtijọ́ tó ní wáyà tín-ín-rín nínú. Wọ́n kọ 60 wáàtì, 240 fóòltì sára ọ̀kan, wọ́n kọ 100 wáàtì, 240 fóòltì sára èkejì. Tí a bá so wọ́n ní párálẹ́ẹ̀lì mọ́ iná 240 fóòltì, èwo ló máa mọ́lẹ̀ jù? Tó bá jẹ́ síríìsì la so wọ́n ńkọ́?

Ọmọ náà kọ ọ́ pé ní párálẹ́ẹ̀lì, 100 ló máa mọ́lẹ̀ jù, àmọ́ ní síríìsì, 60 ni. Àwa méjèèjì, bàbá àti ìyá, la bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ra gílóòbù 60 rí tó ń retí kó mọ́lẹ̀ ju 100 lọ?

A wá yẹ ìṣirò rẹ̀ wò, a sì rí nǹkan tá a lè fi mú un. Ó kọ ọ́ pé nínú síríìsì, fóltéèjì orí gílóòbù 60 jẹ́ 153.6, ti 100 jẹ́ 92.2. A ro ó pọ̀, ó di 245.8. Iná tó wọlé ò ju 240 lọ, ibo ni ìyókù ti wá? A ní kó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. A bá a ṣe é “bó ṣe yẹ”: fóltéèjì jẹ́ 240, nítorí náà 60 á mú 60 wáàtì jáde, 100 á mú 100 jáde, 100 ló mọ́lẹ̀ jù níbi méjèèjì. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ síríìsì ni, gílóòbù kan ò lè gba 240 náà tán.” A ní kó kó ìwé ẹ̀, kó lọ sùn.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gba 3 nínú 10. Kò bínú, kò tiẹ̀ bá wa sọ ọ́. Ó kàn gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó lọ fọ abọ́. Ìyẹn ló dùn wá jù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà la tún ṣí ojú ìwé tó pa rẹ́, torí pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́, ó ṣì hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tá à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àwa ti wà ní Sókótó ná, inú ìwé ọmọ ló wà.

Ẹ bá wa rìn ín. Ohun tí wọ́n kọ sára gílóòbù, ìlérí ni: tí mo bá rí 240 fóòltì gbà, 60 wáàtì ni màá jẹ. Láti ibẹ̀ lèèyàn ti máa rí bó ṣe ń dènà iná tó. 240 lọ́nà 240 jẹ́ 57,600. Ẹ fi 60 pín in, ó di 960 óòmù. Ẹ fi 100 pín in, ó di 576 óòmù. Ẹ rí i pé gílóòbù kékeré ló ń dènà iná jù.

Ní párálẹ́ẹ̀lì, kálukú ló ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ibi iná wá, kálukú ló ń rí 240 tirẹ̀ gbà lódidi. Bí iná ilé wa ṣe rí nìyẹn. 240 pín sí 960 jẹ́ 0.25 ámpíà, 240 pín sí 576 jẹ́ nǹkan bíi 0.417. Ẹni tí kò dènà púpọ̀ ló gba kọ́ọ̀rẹ́ǹtì jù, òun náà ló mọ́lẹ̀ jù. Ibí yìí ò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Síríìsì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, kọ́ọ̀rẹ́ǹtì tó bá gba inú 60 kọjá náà ló máa gba inú 100 kọjá, kò dín, kò lé. Ẹ ro ìdènà méjèèjì pọ̀: 960 àti 576 jẹ́ 1,536 óòmù. 240 pín sí 1,536 jẹ́ 0.15625 ámpíà. Ẹ wá fi ìyẹn sọ 960 di púpọ̀, ẹ máa rí 150 fóòltì. Ẹ fi sọ 576 di púpọ̀, 90 fóòltì. 150 àti 90, 240 pérépéré. Wáàtì wọn ńkọ́? 150 lọ́nà 0.15625 jẹ́ 23.4, 90 lọ́nà rẹ̀ jẹ́ 14.1. Gílóòbù 60 ló mọ́lẹ̀ jù lóòótọ́. Ọmọ náà ló gbà á.

Kí ló wá fa 245.8? Kò ju pé ó sọ 0.15625 di 0.16 kó tó tẹ̀ síwájú. Ó dà bí ẹni pé kékeré ni, àmọ́ nígbà tó fi sọ 960 di púpọ̀, ohun kékeré yẹn ti di 3.6 fóòltì. Ká ní ó fi 240/1536 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí ni, kò sí ohun tá a máa rí mú. A rí ìdọ̀tí lára aṣọ, a gbé aṣọ náà jù sí ààtàn.

Àṣìṣe tiwa gan-an ló burú. A fún gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní 240 nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ni wọ́n jọ wà. Tá a bá ro tiwa pọ̀ bá a ṣe ro ti ọmọ, 480 la máa rí. A ò rò ó. Ti ọmọ nìkan la yẹ̀ wò.

Síbẹ̀ bàbá ò tíì gbà tán, ó ní àfi kí òun fojú rí i. A pe máláàmù tó ń ṣe iná ilé ládùúgbò wa. (Ẹ má ṣe dán an wò fúnra yín o, iná yìí ń pa èèyàn.) Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sin adìyẹ la ti rí gílóòbù 100, wọ́n fi ń mú òròmọdìẹ móoru. Máláàmù so méjèèjì ní síríìsì sórí pákó, ó tan án. 60 mọ́lẹ̀ rúbúrúbú, 100 kàn pọ́n díẹ̀ nínú bí ẹyín iná tó fẹ́ kú.

Ó tún fi mítà wọ̀n ọ́n. Iná ilé wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn jẹ́ 210, ó rí 150 lórí gílóòbù 60, 60 lórí gílóòbù 100. Ọmọ náà fi ìṣirò rẹ̀ pín 210, ó ní ó yẹ kó jẹ́ bíi 131 àti 79. A tún fẹ́ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ a ti kọ́gbọ́n. Òun ló tún là á fún wa: 960 àti 576 jẹ́ ìdènà nígbà tí wáyà inú gílóòbù bá gbóná dé góńgó. Tí kò bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, ìdènà rẹ̀ máa ń wálẹ̀. 100 ló tutù jù, ti ẹ̀ ló wálẹ̀ jù, ìyẹn ló jẹ́ kí fóltéèjì tó bọ́ sí i kéré sí i. Iṣẹ́ àṣetiléwá kì í ka ìyẹn mọ́ ọn. Àpapọ̀ wọn ṣì jẹ́ 210 ṣá o. Ẹ sì má fi ìṣirò yìí bá gílóòbù ẹ́líídì lò, ẹ̀rọ wà nínú ìyẹn tí kì í ṣe bíi wáyà lásán.

Bàbá lọ sílé ìwé, ó sọ fún tíṣà pé òun lòun ni ìdáhùn yẹn. Tíṣà rẹ́rìn-ín, kò yí máàkì padà. Bàbá padà délé, ó bẹ ọmọ náà.

Pákó náà ṣì wà lọ́dọ̀ máláàmù, ó sì ti gbà láti tún tan án lálẹ́ Sátidé tí iná bá wà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ní irú ìbéèrè yìí, kó mú un wá. Tẹ́ ẹ bá ní gílóòbù 40 àtijọ́ nílé, ẹ bá wa mú un dání, ọmọ wa ti ṣe ìṣirò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.