Kóòdù Tí Kò Dé

Síìmù tí ẹ rà lè jẹ́ tuntun kí nọ́ńbà inú rẹ̀ ti dàgbà. Bí ẹnìkan ò bá lo nọ́ńbà rẹ̀ fún oṣù 6, ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lè tì í pa. Bí oṣù 6 mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ti ṣe sórí nọ́ńbà náà sì lè wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì tó ń ta èlùbọ́ ládùúgbò wa ní Ọjà'ba ló fojú rí i. Wọ́n jí fóònù wọn, wọ́n ra síìmù mìíràn, àmọ́ orí Wọ́sáàpù làwọn oníbàárà Èkó ti ń béèrè ọjà lọ́wọ́ wọn. Kóòdù kò dé. Àwọn ọmọ ìsọ̀ ń béèrè rẹ̀ léraléra, bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá ṣe ń béèrè ni áàpù ń fi kún àkókò ìdúró. Kí n tó dé, ó ti di ọ̀pọ̀ wákàtí.

"Ọmọ mi, àbí torí pé kò sówó lórí ẹ̀ ni?"

"Rárá o, mà. A kì í sanwó ká tó gba àtẹ̀jíṣẹ́."

Mo wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀: +234 wà níwájú, wọ́n sì ti yọ òdo kúrò. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti orí fóònù mi, ó wọlé lójú ẹsẹ̀. Síìmù ń gbà nìyẹn, kóòdù nìkan ni kò ríbi gbà. Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìbejì rántí pé ẹnìkan ti pè lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, tó ń béèrè Alájì.

Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti gbà wá láyè láti dènà ìpolówó nípa fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí 2442. DND ni wọ́n ń pè é. Ìdènà náà lè mú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń fọ́n ká mọ́ ìpolówó, kóòdù náà sì lè bá a lọ. Mo fi èyí ránṣẹ́ sí 2442:

```
STATUS
```

Èsì ní DND wà lórí ẹ̀. Ó jọ pé Alájì ló fi í síbẹ̀. Mo wá fi èyí ránṣẹ́:

```
ALLOW
```

Nígbà tí à ń dúró, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù ṣe ní Bẹẹrẹ ní òun á bá wọn fi nọ́ńbà òkè òkun ṣí i ní 1,500 náírà. Mo ní kí wọ́n má gbà. Ẹni tí nọ́ńbà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tún béèrè kóòdù lọ́la, kó kó gbogbo oníbàárà wọn lọ.

Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, kóòdù dé. A tẹ̀ ẹ́, áàpù tún ní ká mú PIN wá. Àṣé Alájì ṣì ń fi nọ́ńbà náà ṣe Wọ́sáàpù láìsí síìmù lọ́wọ́ rẹ̀! Ọjọ́ 7 la máa dúró kí áàpù tó gbà wá láyè láti yan PIN mìíràn. Ìyá Ìbejì ti ń fi fóònù kékeré pe àwọn ará Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan.