Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ń lọ

Inú mẹ́mọ́rì ara rẹ̀ ni ráútà Cisco ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí. Bí mẹ́mọ́rì náà bá kún, ìlà tuntun á lé èyí tó pẹ́ jù jáde. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ náà tí wọ́n tún tan án, gbogbo rẹ̀ ti pòórá. Ráútà tí wọ́n fura sí ni wọ́n sì sábà máa ń sáré pa.

Ìdí nìyí tí a fi ń darí àwọn ìlà náà sí sáfà kan bí wọ́n ṣe ń jáde. Ìlànà syslog, tí Eric Allman gbé kalẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Sendmail, ni àwọn ẹ̀rọ náà ń lò. Lórí UDP 514, ẹ̀rọ á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì ní dúró gbọ́ bóyá ó débẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó máa fi nọ́ńbà sí ìlà, tí sáfà rí 412, 413, lẹ́yìn náà 417, a mọ̀ pé mẹ́ta ti sọnù. Nọ́ńbà kò lè dá wọn padà, ṣùgbọ́n olùwádìí mọ ibi tí àlàfo wà.

Ìlà tó ń sọ pé ọ̀nà ti já, ọ̀nà tó já yẹn gan-an ló yẹ kó gbà kọjá. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ ní sáfà, a kì í pa àkọsílẹ̀ inú ráútà tì. Ètò tí a ń fi sórí ráútà láti darí ìlà sí sáfà nìyí:

```
service timestamps log datetime msec show-timezone year
service sequence-numbers
logging source-interface Loopback0
logging trap notifications
logging host 10.20.0.5
```

Ráútà tó ní ẹnu ọ̀nà méjì á máa fi àdírẹ́sì ẹnu ọ̀nà tó bá gbà jáde sí ìlà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá yí padà, ó di ẹ̀rọ méjì lójú sáfà. Ìlà kẹta nínú ètò òkè yìí ló ń jẹ́ kó ní orúkọ kan ṣoṣo.

Ìpele 0 ló le jù, ìpele 7 ló rọ̀ jù. Ẹni tí ariwo sú á fi `warnings` sí `logging trap`, èyí tí í ṣe ìpele 4. Ṣùgbọ́n `%SYS-5-CONFIG_I`, ìlà tó ń sọ ẹni tó wọlé yí ètò ráútà padà àti ibi tó ti wọlé, ìpele 5 ló wà. Ohun tí ìwádìí máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, òun náà sì ni wọ́n ti sẹ́ dànù.

Kò sí ọdún nínú àkókò tí syslog àtijọ́ ń kọ. Bí àkọsílẹ̀ bá ti kọjá oṣù méjìlá, ìlà oṣù kẹta lè jẹ́ ti ọdún méjì. Àmì ìràwọ̀ tí Cisco ń fi síwájú àkókò, `*Mar  1 00:00:41`, túmọ̀ sí pé aago ẹ̀rọ náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìlà bẹ́ẹ̀ wúlò fún ohun tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe fún ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Kí gbogbo ẹ̀rọ gba aago lọ́wọ́ NTP kan náà, kí wọ́n sì máa kọ UTC.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020 ni ètò SolarWinds tí wọ́n ti ba jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà. Oṣù kejìlá ni àṣírí tú. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún 90 ọjọ́ ṣí ìwé rẹ̀, ó bá oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ tí olè wọlé kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ká ní fáyáwọ̀ọ̀lù kan ń kọ ìlà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 300. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi gígábáìtì 5.2 lójúmọ́. Fún oṣù mẹ́tàlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tẹ́rábáìtì 2.1, bí a kò bá fún un pọ̀. Oṣù méjìlá ni ti ìwádìí. Ìkẹtàlá ni àyè tí àwọn ọ̀gá fi ń jiyàn kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀. Àròpín odidi ọ̀sẹ̀ kan ló yẹ kí 200 náà jẹ́: ẹni tó wọ̀n ọ́n ní ọ̀gànjọ́ òru nìkan á ra díìsìkì tó kéré.

Ìlà ráútà àti súwíṣì kéré púpọ̀ sí ti fáyáwọ̀ọ̀lù. Kò sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ jọ pín díìsìkì tàbí ọjọ́ ìparẹ́. Èyí tó kéré ni mo máa ń fẹ́ kó pẹ́ jù, torí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Oṣù mẹ́tàlá kò sì tó fún gbogbo èèyàn: ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015, abala 38, ní kí àwọn olùpèsè iṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìrìnnà ìsọfúnni fún ọdún méjì.

Àwọn kan máa ń ní kí sáfà pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́ nígbà tí díìsìkì bá kún, dípò kí wọ́n ka ọjọ́. Ọjọ́ tí olè bá ń gbá gbogbo ilẹ̀kùn ni ìlà ń ya wọlé bí omi. Díìsìkì á kún, ẹ̀rí ìgbà tó kọ́kọ́ yọjú á sì lọ. Olè náà ló fi ariwo rẹ̀ nu ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nù.

`logrotate` kò mọ̀ pé ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fura gan-an, á tún pa ọjọ́ kan rẹ́. Kí wọ́n dá a dúró kí wọ́n tó pe ìpàdé àkọ́kọ́, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà síbòmíràn, kí wọ́n sì kọ `sha256sum` ẹ̀dà náà sílẹ̀.