Fóònù Àbúrò Mi Ni Mo Fi Yà Á

USDT 1,150 ló wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi nígbà tí mo wò ó kẹ́yìn. Owó iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ni. Èèpo ẹ̀yìn ìwé ni mò ń yà fún àwọn òǹkọ̀wé wa kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, láti Mọ́kọ́lá níbí. Ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó náà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún olè, mo sì ní ẹlẹ́rìí kan: àbúrò mi obìnrin, òun ló gbé fóònù dání.

Kò sí iná lálẹ́ ọjọ́ tí mo ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì náà. Áàpù rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjìlá síta, ó ní kí n kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, torí àwọn ni kọ́kọ́rọ́: ẹni tó bá ní wọn lọ́wọ́ ló ni owó. Mo tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ kí n lè ká ojú fóònù náà sílẹ̀. Fóònù kọ̀. Ẹni tó ṣe áàpù náà ti lẹ àmì kan tí wọ́n ń pè ní `FLAG_SECURE` lórí Android mọ́ ojú ewé yẹn. Níbi tí àmì yìí bá wà, fóònù ò ní gbà kéèyàn ká ojú òun sílẹ̀, kò sì ní gbà kó fi fídíò gbà á. Ṣùgbọ́n inú fóònù kan ṣoṣo yẹn ni àṣẹ rẹ̀ mọ. Kámẹ́rà tí ẹlòmíràn nà sí i láti ìta, kò rí ti ìyẹn rò.

Bírò wà lórí tábìlì. Ìwé wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Gbé fóònù rẹ wá, bá mi ya nǹkan yìí."

Àbúrò mi wo bírò, ó wò mí. "Ẹ ò ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, Bọ̀dá mi?"

Mo ní kó sáà yà á.

Mo ti bu ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù mi kù kí ará ilé tó bá ń kọjá lójú fèrèsé má bàa rí ohun tó wà níbẹ̀. Ọgbọ́n tí mo rò pé mo gbọ́n nìyẹn, òun ló sì kọ́kọ́ dá mi lóró. Irú ojú fóònù tèmi, èyí tí wọ́n ń pè ní OLED, kì í bu ìmọ́lẹ̀ kù bí ìgbà téèyàn yí àtùpà sílẹ̀. Ṣe ló ń ṣẹ́jú: á tàn, á kú, á tún tàn, ìgbà 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú èèyàn ò rí i. Kámẹ́rà fóònù ní tirẹ̀ kì í gba àwòrán lódindi lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà ìlà ló ń kà á, bí ahunṣọ ṣe ń ti òwú kan tẹ̀lé òmíràn. Ìlà tó bá bọ́ sí àsìkò tí ojú fóònù ṣẹ́jú á dúdú. Ká ní mo gbé ìmọ́lẹ̀ náà dé òpin ni, ìlà dúdú wọ̀nyẹn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn rárá. Bí yàrá sì ṣe ṣókùnkùn, iná kámẹ́rà àbúrò mi bù yẹ̀rì fúnra rẹ̀, ó fi àbààwọ́n funfun kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ fọ́tò náà bí ẹni da àkàmù sí i.

Ọ̀rọ̀ méjìlá péré ni mo ń wá nínú rẹ̀, mo kàn fi ojú fò ó, mo ní ó dára. Ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Mo ní kó pa á rẹ́ lórí tirẹ̀, ó sì pa á rẹ́ níṣojú mi.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Fóònù mi bọ́ sínú bókẹ́ẹ̀tì omi, kò sì dìde mọ́, tòun ti fọ́tò tó wà nínú rẹ̀. Mo ra òmíràn, mo pe àbúrò mi. Ó ní, "Mo ti pa á rẹ́ kẹ̀, ṣebí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀." Ṣùgbọ́n ó tún ṣí Google Photos rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan tó wà lókè ojú ewé náà, `phrase`, síbi tí wọ́n fi ń wá nǹkan. Fọ́tò náà yọ. Láti ibi àkójọ fọ́tò fóònù ló ti pa á rẹ́ lọ́jọ́sí. Ẹ̀dà tó ti gòkè lọ sórí àkáǹtì Google rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ijó ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n máa gbọ̀n: bí ẹ̀rọ bá lè ka ọ̀rọ̀ inú fọ́tò tó fi lè bá wa wá a rí, ta ló tún ń kà á?

A jókòó tì í. Mẹ́wàá hàn kedere. Ìlà dúdú tó dagun kọjá lórí ọ̀rọ̀ keje, `win` nìkan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Àbààwọ́n funfun bo ìparí ìkọkànlá: `fo`, pẹ̀lú àyè tí kò gbà ju lẹ́tà kan lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjìlá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Inú àkójọ kan tó ní ọ̀rọ̀ 2,048 ni gbogbo wọn ti ń wá, lábẹ́ ìlànà tí wọ́n ń pè ní BIP39. Nínú àkójọ náà, ọ̀rọ̀ méje ló fi `win` bẹ̀rẹ̀: `win`, `window`, `wine`, `wing`, `wink`, `winner` àti `winter`. Ọlọ́lẹ́tà mẹ́ta tó fi `fo` bẹ̀rẹ̀ kò ju `fog` àti `fox` lọ. Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sì ń ṣe ẹlẹ́rìí fún àwọn yòókù, tó fi jẹ́ pé nínú mẹ́rìndínlógún téèyàn bá fojú dídì tò, ẹyọ kan ni wọ́lẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gbà.

Mo ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ mẹ́rin. Ó gba ìkarùn-ún, `wine` pẹ̀lú `fog`, ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Mo gbà pé kì í ṣe tèmi, nítorí àkójọ tó bá yege á ṣílẹ̀kùn, kódà kó jẹ́ ilé tẹ́nikẹ́ni ò gbé rí. Mo ń bá a lọ. Ìkẹwàá, `wink` pẹ̀lú `fox`, wọlé. Òfo tún ni. Mo ti fẹ́ tẹ ìkọkànlá nígbà tí àbúrò mi ní, "Ẹ kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì rẹ̀ ná." Mo fi wé èyí tí mo máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi, èyí tó fi `T` bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà kan ò yàtọ̀. Wọ́lẹ́ẹ̀tì mi ni. Wọ́n ti kó owó inú rẹ̀ lọ ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ṣáájú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mi ò mọ ọ̀nà tí olè náà gbà wọlé, ọ̀nà sì pọ̀. Àkáǹtì Google àbúrò mi ṣì wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kan tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀dà tó fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì lórí fóònù tirẹ̀. Ó sì ní áàpù tó tó mẹ́fà tó ti fún láyè láti máa wo fọ́tò rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Kaspersky ròyìn sọ́fítíwíà olè kan, SparkCat, tó fara pamọ́ sínú áàpù tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ ní ibi ìgbáàpù Google àti ti Apple. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa ka ọ̀rọ̀ inú fọ́tò, kó sì máa wá irú ọ̀rọ̀ méjìlá wọ̀nyí. Ìlà dúdú tó dí mi lójú kò lè dí irú rẹ̀ lọ́wọ́: ohun tó gbà mí ní odindi ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà á dán mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wò kéèyàn tó ṣẹ́jú.

Bí ìwọ náà bá ti ya irú fọ́tò yìí sórí fóònù ẹlòmíràn, pípa á rẹ́ ò tó, ọ̀rọ̀ méjìlá kan náà kò sì ṣeé yí padà. Ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun lónìí, fi bírò kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sórí ìwé méjì, kà wọ́n sí etí ara rẹ lẹ́yìn tí o bá kọ wọ́n tán, kí o sì kó owó rẹ lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.