Ká Rí Olùkọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Ká Tó Gbà Á



Ẹ̀yin èèyàn mi, ní ilé-kéwú wa ní Ìsẹ́yìn, ohùn dídùn la fi gba olùkọ́ kan rí. Ó ké Àlùkùránì fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo wa ń mi orí. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ń ka ìlà Káídà bí ẹni ń kọrin, ṣùgbọ́n bí o bá fi ìka bo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ẹjọ́ ọkùnrin náà kọ́, àwa la ò béèrè ohun tó yẹ ká béèrè.

Nígbà tí a máa wá ẹlòmíràn, ọkàn mi lọ sí ìtàn Ànábì Músá, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní Mádíyánà, nínú Súrátù Kọ́sọ́sì. Ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì níbi omi, ó sì fún ẹran wọn mu. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn padà wá pè é ní áyà 25, ohun tó sọ ni pé bàbá òun fẹ́ san án lẹ́san omi tó fún ẹran wọn. Áyà 26 ló tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó gbà á síṣẹ́, nítorí pé ẹni tó lágbára tó sì ṣeé fọkàn tán ló dára jù láti gbà. Músá ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń dán òun wò o, ó kàn ṣàánú wọn ni. Àmọ́ ẹ wò ó: owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ gbígbà síṣẹ́ tó wáyé.

Àwọn mẹ́ta ló wá, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan tó ń ránṣọ. A ní kí kálukú wá kọ́ ọmọ fún ọjọ́ méjì, wákàtí kan àbọ̀ lójúmọ́, ₦4,000 lójúmọ́. A sọ iye yẹn fún wọn kí wọ́n tó wá, a sì ń san án kí wọ́n tó dìde. Àáfà àgbà wa bi mí pé, “Ùsítáàsì, ṣé a ó máa sanwó fún ẹni tí a ò tíì gbà ni?” Mo ní, “Bàbá, ọmọ wa ni wọ́n kọ́, yálà a gbà wọ́n tàbí a ò gbà wọ́n.” Bàbá mọ hàdíìsì Bùhárì jù mí lọ, níbi tí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alágbàṣe pátápátá tí ò sanwó rẹ̀ ti wà lára àwọn tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ máa bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyáámà. Bákan náà, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ń wọkọ̀ láti Ṣakí, obìnrin náà sì ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ká ní ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó rí jẹ nìkan ló máa lè wá.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ àwọn ọmọ kan náà ní ojú ìwé kan náà. Bàbá ló rí àṣìṣe ibẹ̀: bí ó bá fi máa kan ẹni kẹta, àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà a pín ọgbọ̀n ọmọ sí ọ̀nà mẹ́ta, lẹ́yìn tí a ti gbọ́ kíkà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí àwọn tí ò tíì mọ̀ ọ́n má baà pọ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan. Èmi àti Bàbá jókòó sẹ́yìn, kálukú kọ ohun tó rí sílẹ̀ ká tó bára wa sọ ohunkóhun.

Ohun tí à ń wò kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹnu Yorùbá ní “h” kan ṣoṣo, Lárúbáwá sì ní méjì: ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, èkejì láti àárín rẹ̀. Ọmọ tó bá ka Alihamdu, èyí tó rọrùn ló máa pè. Ṣé olùkọ́ gbọ́ ọ? Kí ló sì ṣe? Ọkùnrin àkọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó tún un pè, ọmọ tún un pè ní àpèṣì, ó sì kọjá. Ará Ṣakí ò gbọ́ ọ rárá. Obìnrin náà ní kí ọmọ ṣe bí ẹni tí ata ta lọ́fun, kó sì fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń nàka sí lẹ́tà láti ìparí ìlà wá sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń kà á lórí má baà rí i sá pamọ́ sí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ méje nínú mẹ́wàá lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n agbára nìkan la rí yẹn. Àwọn ọmọ dákẹ́ nítorí pé a wà lẹ́yìn wọn. A ò mọ ohun tí ẹgba máa ṣe lọ́wọ́ rẹ̀ tí a bá dìde, tàbí bí owó Àlàrùbá ṣe máa rí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sì ń dùn mí nípa ọkùnrin àkọ́kọ́: ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó lè jẹ́ pé wíwò tí à ń wò ó ló bà á jẹ́, n kò sì ní ọ̀nà tí mo fi lè mọ̀. A gbọ́ pé Sayyidinà Úmárù bi ẹni tó ń jẹ́rìí sí ẹlòmíràn bóyá ó ti bá a rìnrìn àjò rí, bóyá ó ti bá a ṣòwò. Ọjọ́ méjì kì í ṣe ìrìn àjò.

Nítorí náà a lọ bi àwọn òbí níbi tó ti kọ́ ọmọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kì í na ọmọ, owó ò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, aṣọ rírán máa ń mú un pẹ́. A gbà á fún oṣù mẹ́ta ná, a sì sọ ti Iléyá fún un lójú. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. A gbé kíláàsì rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìrun Súbúhì, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní.