Mẹ́rin Tí Kì Í Ṣe Oríyìn

Lórí Tabelog, níbi táwọn ará Japan ti ń díwọ̀n ilé oúnjẹ, ibi tó bá gba 3.5 ti dáńtọ́ nìyẹn. Wọn kì í fi ìràwọ̀ ṣe sàráà.

Ti Airbnb yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ Superhost gbọ́dọ̀ ní 4.8, ó kéré tán. Bí àlejò mẹ́wàá bá dé sílé rẹ̀, tí méje fún un ní márùn-ún, tí mẹ́ta fún un ní mẹ́rin, 4.7 ló já sí. Oyè bọ́! Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe káwọn mẹ́ta náà rò pé àwọn yìn ín.

Àmọ́ mẹ́rin tí àlejò fi ojú àánú fúnni náà wà. "Onílé níwà, àdúgbò dákẹ́." Àlejò tó kọ ọ́ kò sọ nǹkan kan nípa ibùsùn tàbí balùwẹ̀. Ó jọ pé ojú ń tì í láti sọ pé wọn kò dára.