Ìgbálẹ̀ tó mọ níwọ̀n ọmọ

Ọmọ ọdún méjì tó bá ń sìn yín lẹ́yìn bẹ́ ẹ bá ń gbálẹ̀, ẹ má ra ìgbálẹ̀ oníke tí wọ́n fi ń ṣeré fún un.
Kì í gbá nǹkan kan. Ọmọ á sì tètè mọ̀!

Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ gan-an ni kẹ́ ẹ gé kúrú, kó má ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ.
Ìdí tó nípọn ni kẹ́ ẹ ti gé e o.
Ṣóńṣó tó rọ̀ ló ń kó ìdọ̀tí. Bẹ́ ẹ bá gé ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ á le, á sì lè gún ọmọ lójú.
Ẹ dì í pinpin, ẹ fi aṣọ wé ojú ibi tẹ́ ẹ gé.
Ẹ wá fa ẹyọ kan wò. Bó bá yọ, ẹ tún un dì.

Bó bá tún fẹ́ ṣeré ìdáná bíi tiyín, ìkòkò kékeré kan àti ọmọrogùn ti tó.
Ẹ̀wà gbígbẹ nìkan ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má fi sí i. Ọmọ lè tì í bọ imú, ó sì lè gbé e mì.
Ewé ẹ̀fọ́ ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ṣeé já, ó ṣeé rò.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń fún tiyín sè?